Àṣẹ Tí Kò Ju Iṣẹ́ Lọ

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó pè mí pé kí n wá bá wọn yẹ àwọn àṣẹ tí wọ́n fún áàpù wọn wò, ohun àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

```json
{
  "Effect": "Allow",
  "Action": "s3:*",
  "Resource": "*"
}
```

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. `Effect` ló ń sọ bóyá a gbà tàbí a kọ̀. Níbí, a gbà. `Action` ni ohun tí a gbà kí áàpù ṣe. S3 ni ilé ìpamọ́ tí Amazon fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tọ́jú fáìlì, àmì ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ pé ohunkóhun tó bá ṣeé ṣe nínú rẹ̀, kí ó máa ṣe é. `Resource` ni ibi tí àṣẹ náà dé. Ìràwọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò síbi tí kò dé. Ẹni tí ìwé yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ka fáìlì, ó lè kọ tuntun, ó lè pa ti àtijọ́ rẹ́, ó sì lè ṣílẹ̀kùn ilé ìpamọ́ náà sílẹ̀ gbayawu fún ará ìta.

Iṣẹ́ wo wá ni áàpù yìí ń ṣe? Oníṣòwò á ya fọ́tò rìsíìtì, áàpù á gbà á, á tọ́jú rẹ̀, á sì gbé e jáde bí oní nǹkan bá tún fẹ́ wò ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni ilé iṣẹ́ náà ní (bọ́kẹ́ẹ̀tì ni Amazon fúnra rẹ̀ ń pe àpò tí fáìlì ń wà nínú rẹ̀). Ọ̀kan wà fún rìsíìtì, ọ̀kan fún ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀dà àkójọ dátà wọn, ọ̀kan fún àwòrán tí wọ́n ń lò lórí ìkànnì. Áàpù rìsíìtì lè ka iye tí ọ̀gá ń gbà lóṣù. Ó lè pa ẹ̀dà dátà rẹ́ lóru ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé áàpù náà jáde, nǹkan kan kọ̀, wọ́n fi ìràwọ̀ sí i, ó ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Èrò pé kí àṣẹ má ju iṣẹ́ lọ ti wà ṣáájú kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí à ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn lọ́dún 1975, pé gbogbo ètò kọ̀ǹpútà àti gbogbo ẹni tó ń lò ó, àṣẹ tó kéré jù lọ tí iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ṣeé ṣe ni kí a fún un. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àṣìṣe ò ní ṣàì wáyé. Bó bá wáyé, ohun tí àṣẹ yẹn bá dé ni yóò bà jẹ́, kò ní kọjá ibẹ̀.

Ilé ìfowópamọ́ Capital One ní Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀ lọ́dún 2019. Sáfà kan wà níwájú àwọn ìkànnì wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà: kó yẹ ohun tó ń wọlé wò, kó lé èyí tí kò dáa padà. Orí kọ̀ǹpútà Amazon ni sáfà náà wà, Amazon sì ní ojúlé kan, `169.254.169.254`, tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè kàn láti inú ara rẹ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ ipò tí a fi sí i. Ará ìta ò lè débẹ̀. Àmọ́ wọn ò to ọlọ́dẹ yìí dáadáa. Ẹnì kan láti ìta rán an níṣẹ́ pé kó lọ bá òun kan ojúlé yẹn, ó sì lọ, ó gba kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀, ó gbé e fún olè.

Títí dé ibí yìí, àṣìṣe kan ṣoṣo ni, kò sì tíì burú jù. Kọ́kọ́rọ́ ọlọ́dẹ ló wà lọ́wọ́ olè. Kí ni ọlọ́dẹ lè ṣí? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ipò tí wọ́n fún ọlọ́dẹ náà láṣẹ láti ka orúkọ àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìfowópamọ́ náà, ó sì láṣẹ láti kó ohun tó wà nínú wọn. Ìwé àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù 100 ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà ni olè náà kó. Lọ́dún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 80 dọ́là lé ilé ìfowópamọ́ náà lórí. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé ṣe?

Mo sọ̀rọ̀ nípa ipò. Ó yẹ kí n ya á sọ́tọ̀ kúrò lára àkáǹtì èèyàn, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ gan-an ń dà á pọ̀. Àkáǹtì aṣàmúlò jẹ́ ti ẹnì kan, ó ní orúkọ rẹ̀, ó sì lè ní kọ́kọ́rọ́ tí kì í kú àfi tí ẹnì kan bá pa á. Kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi `AKIA` bẹ̀rẹ̀ lórí Amazon. Tí ẹ bá rí i nínú kóòdù tí ẹnì kan gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ipò ní tirẹ̀ dà bí aṣọ iṣẹ́ tó wà lórí ìkọ́. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá gbà fún ló lè gbé e wọ̀, tó bá sì wọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún un yóò fi `ASIA` bẹ̀rẹ̀, yóò sì kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ìwé méjì ló ń bá ipò rìn. Ọ̀kan ń sọ ẹni tó lè wọ aṣọ náà, èkejì ń sọ ohun tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tún èkejì ṣe dáadáa, wọ́n á wá fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Àkáǹtì iṣẹ́ ni Google ń pe irú èyí tí ètò kọ̀ǹpútà ń lò. Fún ìgbà pípẹ́, èyí tí Google máa ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí ẹ bá yá ń bá ipò tí wọ́n ń pè ní `roles/editor` wá, èyí tó lè yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nínú gbogbo iṣẹ́ ìdáwọ́lé yín. Google fúnra rẹ̀ ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lò ó bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá ti pẹ́, ẹ lọ wò ó.

Ká padà sí Èkó. Gígé àṣẹ kò le. Kí a mọ ibi tó yẹ kí a gé e dé ló le. Bí ẹ bá bi ẹni tó kọ áàpù náà pé kí ló ń ṣe nínú ilé ìpamọ́, ohun tó rántí ló máa sọ fún yín. Ọmọkùnrin tó ń kọ tiwọn sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó kàn ń gbé e wọlé, ó sì ń gbé e jáde ni." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ n kò gbà á gbọ́ tán. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fẹ́ rí.

Amazon ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CloudTrail, tó ń kọ ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe, àti ìgbà tó ṣe é. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé bí a kò bá fọwọ́ kàn án, kì í kọ kíkà àti kíkọ fáìlì inú S3 sílẹ̀. Ó máa kọ ọ́ pé ẹnì kan dá bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tàbí pé ó pa á rẹ́. Àmọ́ pé áàpù ka fáìlì kan nínú rẹ̀, kò ní kọ èyí, àfi tí ẹ bá ní kó máa kọ ọ́, tí ẹ sì gbà láti san owó rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè wo ìwé náà, kó rí i pé òfìfo ni, kó wá sọ pé áàpù ò lo S3 rárá. A ní kó máa kọ ọ́ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì rìsíìtì nìkan, kí owó má baà pọ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun mẹ́ta la rí. `PutObject` ni gbígbé fáìlì wọlé. `GetObject` ni gbígbé e jáde. Ẹ̀kẹta tí ọmọkùnrin náà kò dárúkọ ni `HeadObject`: kí áàpù tó gbé rìsíìtì wọlé, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá irú rẹ̀ ti wà níbẹ̀, kó má baà gbé ẹyọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Inú fódà kan ṣoṣo, `titun/`, ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àṣẹ tí `HeadObject` ń lò kò yàtọ̀ sí ti `GetObject`, ìyẹn ni pé ohun méjì péré ló yẹ kí ó tó. Mo kọ ìwé tuntun:

```json
{
  "Effect": "Allow",
  "Action": ["s3:PutObject", "s3:GetObject"],
  "Resource": "arn:aws:s3:::risiti-oja/titun/*"
}
```

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Ìràwọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ a ti fi ọgbà yí i ká: gbogbo ohun tó wà nínú fódà `titun/` nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì `risiti-oja`, kò sì kọjá ibẹ̀. N kò wá kọ ọ́ pé kó má ka ìwé owó oṣù. Kò pọn dandan. Lọ́dọ̀ Amazon, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà, kíkọ̀ ló jẹ́. Bí ìwé kan bá sì sọ gbangba pé a kọ̀, ìwé mìíràn tó ní a gbà kò lè borí rẹ̀.

A kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò. Rìsíìtì àkọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. `403 Forbidden` ló jáde, orí ìbéèrè "ṣé ó ti wà?" yẹn gan-an ló sì ti jáde. Ọmọkùnrin náà wò mí, ojú rẹ̀ ń sọ pé "ṣé ẹ rí i?" Ó ti ń na ọwọ́ láti dá ìràwọ̀ padà.

Àṣẹ tí ìbéèrè yẹn nílò wà nínú ìwé. Kí ló wá kọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀, òun sì ni mo rò pé ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn dá ìràwọ̀ padà. Bí ẹ bá béèrè fáìlì tí kò sí, tí ẹ sì láṣẹ láti ka orúkọ ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, S3 máa sọ fún yín pé kò sí, ìyẹn `404`. Bí ẹ kò bá ní àṣẹ yẹn, kò ní sọ fún yín pé kò sí, nítorí pé mímọ̀ pé kò sí pàápàá jẹ́ ìròyìn tí wọn ò gbà kí ẹ gbọ́. Ó máa ní `403`, a ò gbà. Rìsíìtì tuntun kò tíì sí níbẹ̀ lóòótọ́. `404` ni áàpù ń retí kó tó gbé e wọlé, `403` ló gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. `s3:ListBucket` ló kù tí a ní láti fi kún un, àmọ́ ìyẹn náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Àṣẹ yìí kì í ṣe lórí fáìlì, orí bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí `arn:aws:s3:::risiti-oja/*`, kò ní ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ ìdí fún yín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán:

```json
{
  "Effect": "Allow",
  "Action": "s3:ListBucket",
  "Resource": "arn:aws:s3:::risiti-oja"
}
```

Ó ṣiṣẹ́. A gbé e sórí áàpù gidi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, gbogbo nǹkan ń lọ geerege, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ sílé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láàárọ̀ kùtù. Iṣẹ́ kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní òru tí oṣù bá yí: á kó gbogbo rìsíìtì oṣù tó kọjá kúrò nínú `titun/` lọ sínú `ipamo/`. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi wo ìwé àkọsílẹ̀ bọ́ sí àárín oṣù, a kò rí i. Ẹni tó kọ iṣẹ́ yẹn ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Èmi ni mo yan ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ohun tó jáde nínú ìwé kò fi nǹkan pa mọ́. Ó sọ orúkọ ipò, ó sọ àṣẹ tí kò ní, ó sì sọ ibi tó ti fẹ́ lò ó:

```
...assumed-role/risiti-app/... is not authorized to perform:
s3:PutObject on resource: "arn:aws:s3:::risiti-oja/ipamo/..."
because no identity-based policy allows the s3:PutObject action
```

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ó ń sọ pé kò sí ìwé tó gbà. Ká ní ìwé kan ló kọ̀ gbangba ni, yóò sọ pé `explicit deny` ló wà níbẹ̀, ìwádìí á sì gba ibòmíràn. Àwọn tó máa ń dá ìràwọ̀ padà kì í ka gbólóhùn náà dé òpin.

Ohun tó rọrùn ni pé kí n fi `ipamo/` àti `s3:DeleteObject` kún ìwé áàpù. Mo kọ̀. Áàpù yìí ló ń gba ohun tí ará ìta ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Òun ni ọwọ́ olè lè kọ́kọ́ tó. Kò yẹ kí ó lè pa ohunkóhun rẹ́. A ṣe ipò kejì fún iṣẹ́ ìparí oṣù nìkan: kó ka `titun/`, kó kọ sínú `ipamo/`, kó pa ti `titun/` rẹ́ tó bá ti kó o tán, kó sì lè ka orúkọ ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ òru yẹn nìkan ni ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ gbà pé kó wọ aṣọ náà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìwé ti pọ̀ jù bí ipò bá di méjì. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ méjì ni, ó ti jẹ́ méjì tipẹ́, aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá ara wọn wọ̀.

Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló kàn. Òun ló ń gbé áàpù tuntun sórí kọ̀ǹpútà Amazon, wọ́n sì ti fún un ní `AdministratorAccess`, àṣẹ lórí ohun gbogbo. A gé e kù sí ohun tí gbígbé áàpù jáde nílò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí mo rí ìlà kan, `iam:PassRole` pẹ̀lú ìràwọ̀. Bí ẹ bá wò ó, kò jọ nǹkan kan. Ó kàn gbà kí ó fi ipò kan wọ kọ̀ǹpútà tó bá ń dá sílẹ̀ ni, ó sì nílò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé ipò èyíkéyìí. Ó lè dá kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀, kó fi ipò ọ̀gá àgbà tó wà nínú àkáǹtì náà wọ̀ ọ́, kó wọ inú kọ̀ǹpútà náà, kó sì máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú. Gbogbo ohun tí a gé lójú ọ̀nà ló gba ẹ̀yìnkùlé padà. A kọ orúkọ ipò `risiti-app` àti ti iṣẹ́ òru síbẹ̀ dípò ìràwọ̀. Bí ẹ bá ń yẹ ìwé àṣẹ èèyàn wò, ìlà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ tún wo àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kí èèyàn lè kọ ìwé àṣẹ, kó yí i padà tàbí kó so ó mọ́ àkáǹtì kan, bíi `iam:AttachUserPolicy`. Ẹni tó bá lè fún ara rẹ̀ láṣẹ, gbogbo àṣẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ `AKIA` tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ la pa kẹ́yìn. Ní báyìí, bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á gbé aṣọ iṣẹ́ wọ̀, wákàtí kan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fi ń wà láàyè. Ó kùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo sọ ibi tí agbára ohun tí a ṣe yìí mọ fún ọ̀gá wọn. Bí olè bá gba áàpù rìsíìtì lónìí, ó ṣì máa ka rìsíìtì inú `titun/`, nítorí pé kíkà á ni iṣẹ́ áàpù náà. Kò sí bí a ṣe lè gé ìyẹn kí áàpù tún wúlò. Ó tún lè gbé èyí tí kò dáa lé orí èyí tó dáa, nítorí pé `PutObject` lásán kì í wò ó bóyá fáìlì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Àmọ́ ìwé owó oṣù, ẹ̀dà dátà àti rìsíìtì oṣù tó ti kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó wọn.

Ohun tí mo yí padà nínú iṣẹ́ tèmi ni iye ọjọ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni mo ń fi wo ìwé àkọsílẹ̀ báyìí kí n tó gé àṣẹ ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ pàápàá kò lè rí ìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, n kì í pa fóònù mi.